Nígbà tí Àdéhùn Ilé Bá Parí: Bí Owó Tí Onílé Gbà Ṣe Ń Di Àdéhùn Tuntun

Àdéhùn ilé tó ní gbèdéke máa ń parí fúnra rẹ̀. Bí ìwé àdéhùn bá sọ pé ọdún méjì ni ayálégbé yóò fi lo ṣọ́ọ̀bù kan, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022 títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 2023, bí ilẹ̀ ọjọ́ ìkẹyìn yẹn bá ti ṣú, ẹ̀tọ́ tí ìwé náà fún un ti tán. Onílé kò ní láti fún un ní kúìtì kí àdéhùn tó parí, nítorí àwọn méjèèjì ti mọ ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, ayálégbé á ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Onílé á gba iwájú ibẹ̀ kọjá, wọ́n á kíra wọn, kò sì sẹ́ni tó máa dárúkọ ìwé àdéhùn. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ayálégbé á fowó ránṣẹ́, onílé á sì gbà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé àti ayálégbé kò mọ̀ ni pé gbígbà tí onílé gba owó yẹn lè ti dá àdéhùn mìíràn sílẹ̀ láàárín wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀. Jíjókòó tí ayálégbé jókòó síbẹ̀ kò lè dá àdéhùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó tí onílé gbà, pẹ̀lú èrò tó fi gbà á, ló ń dá a sílẹ̀.

Ipò mẹ́ta ni ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti parí tí kò sì kúrò lè wà. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó jókòó láìjẹ́ pé onílé fọwọ́ sí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ẹni tó já wọlé onílé, nítorí ọ̀nà ẹ̀tọ́ ló gbà wọlé. Síbẹ̀, kò ní àdéhùn kankan mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni pé onílé kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé e jáde. Ipò kejì ni ti ẹni tí onílé mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀, tó sì gbà kí ó máa gbé ibẹ̀ ná, bóyá nítorí pé wọ́n ń jíròrò iye owó tuntun. Ìgbàkígbà tó bá wu ọ̀kan nínú wọn ni irú ìgbé bẹ́ẹ̀ lè parí, bí òfin bá sì béèrè fún nótíìsì, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni. Ipò kẹta ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá: onílé gba owó ilé lọ́wọ́ ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, ó sì gbà á gẹ́gẹ́ bí owó ilé. Láti ìgbà náà lọ, ilé ẹjọ́ lè sọ pé ayálégbé ọlọ́dọọdún ni ẹni náà, tàbí ayálégbé olóṣooṣù, bí ìṣirò owó rẹ̀ bá ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílé ẹjọ́. Ní ọdún 1775, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ kan wá síwájú adájọ́ àgbà Lọ́ọ̀dù Mansfield. Onílé ti fún ayálégbé ní nótíìsì pé kí ó kúrò, ó sì tún gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ nótíìsì kọjá. Ṣé owó tó gbà yẹn ti pa nótíìsì rẹ́? Mansfield kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ohun tó yẹ kí wọ́n wádìí ni èrò tí wọ́n fi gba owó náà: ṣé bí owó ilé ni àwọn méjèèjì ṣe kà á, àbí onílé kàn gba owó ilé rẹ̀ tí ẹlòmíràn ń lò? Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni àwọn amúnisìn kó wọ Nàìjíríà, ìlànà yìí sì wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí májísíréètì ní Ìkẹjà tàbí ní Badagry fi ṣì ń béèrè ìbéèrè Mansfield lónìí, bí kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ohun tó mú kí ìbéèrè náà lágbára ní Èkó ni iye ọjọ́ tí òfin kà sílẹ̀. Òfin Àyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 sọ pé bí àdéhùn tó ní gbèdéke bá ti parí fúnra rẹ̀, onílé kò nílò kúìtì mọ́. Nótíìsì ọlọ́jọ́ méje ni yóò fún ayálégbé, láti jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun ń lọ sílé ẹjọ́ láti gba ilé òun. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ohun tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò sí lórí nótíìsì, oṣù mẹ́fà gbáko ni òfin yẹn fún ayálégbé ọlọ́dọọdún. Ayálégbé olóṣooṣù ní oṣù kan, ẹni tó ń san owó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ní oṣù mẹ́ta, ẹni tí onílé kàn gbà láyè láti máa gbé ibẹ̀ ná sì ní ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, onílé tó wà nípò láti fi ọjọ́ méje lọ sílé ẹjọ́ lè fi owó kan ṣoṣo tó gbà sọ ọjọ́ méje yẹn di oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé òfin 2011 yìí kò kan Apapa, Ìkòyí, erékùṣù Victoria àti àgbègbè GRA ní Ìkẹjà. Ìlànà àtijọ́ pẹ̀lú ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn ló ń jọba ní àwọn ibẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan tọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aránṣọ kan gba ṣọ́ọ̀bù ní Agége fún ọdún méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 títí di òpin ọdún 2023. Ọ̀kẹ́ méjì lọ́nà mẹ́wàá náírà, ìyẹn ₦400,000, ni owó ọdún kan. Ìwé àdéhùn wà, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kò sì sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí aránṣọ kò bá kúrò. Ní nǹkan bí oṣù kẹwàá ọdún 2023, onílé sọ fún un lẹ́nu pé òun fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà padà, pé ọmọ òun fẹ́ máa ta oògùn níbẹ̀. Aránṣọ ní òun ti gbọ́. Ọdún 2024 wọlé, aránṣọ ṣì ń ránṣọ, aṣọ àwọn oníbàárà ṣì kọ́ sára ògiri.

Ká ní ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 2024 ni onílé fún un ní nótíìsì ọlọ́jọ́ méje, tó sì gba ilé ẹjọ́ lọ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá ṣe tààrà. Àdéhùn ti parí, kò sí owó tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tó sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ojú ti onílé. Aránṣọ ti bá a gbé ọdún méjì láìsí wàhálà, ó sì ní òun ń wá ibòmíràn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, alẹ́ẹ̀tì dún lórí fóònù onílé: ₦400,000 ti wọ àpò ìfowópamọ́ rẹ̀, aránṣọ sì kọ sí i pé “owó ṣọ́ọ̀bù 2024”. Onílé kò dá owó náà padà, kò sì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, aránṣọ lọ bá alábòójútó ilé, ó ní kí ó kọ rìsíìtì fún òun. Alábòójútó, tó ti ń kọ rìsíìtì fún gbogbo ilé náà láti ọjọ́ pípẹ́, mú búùkù rẹ̀ jáde, ó kọ ọ́ pé owó ilé ni, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 2024.

Ní oṣù keje, ọmọ onílé ti kó ọjà oògùn jọ. Onílé wá fún aránṣọ ní nótíìsì ọlọ́jọ́ méje, lọ́yà rẹ̀ sì gbé ẹjọ́ lọ síwájú májísíréètì, ó ní àdéhùn ti parí láti òpin ọdún 2023. Lọ́yà aránṣọ kò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò fi rìsíìtì yẹn hàn, yóò fi àkọsílẹ̀ báńkì tó fi ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta hàn tẹ̀ lé e, yóò sì béèrè pé: owó ọdún wo ni onílé gbà? Bí onílé kò bá rí ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání sí ìbéèrè yẹn, ohun tí ilé ẹjọ́ lè rò ni pé àwọn méjèèjì ti gbà kí aránṣọ máa bá ìgbé rẹ̀ lọ fún ọdún 2024. Ó ti di ayálégbé ọlọ́dọọdún nìyẹn. Nótíìsì ọlọ́jọ́ méje kò bá ipò rẹ̀ mu mọ́, oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ná onílé. Ká ní ó ti fún aránṣọ ní kúìtì olóṣù mẹ́fà ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ọdún 2024, nótíìsì náà yóò parí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 2025. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nótíìsì ọlọ́jọ́ méje yóò tó tẹ̀ lé e, kí ó tó lè lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024 ti sún sí oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àánú díẹ̀ ni òfin Èkó ṣe fún un níbẹ̀, nítorí ó gbà kí nótíìsì parí ní ọjọ́ tí ọdún ìgbé pé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí ìlànà àtijọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìparí ọdún ìgbé gan-an. Níbẹ̀, onílé tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ jù láti fúnni ní kúìtì olóṣù mẹ́fà lè ní láti dúró di ìparí ọdún mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo owó tó bá wọlé lẹ́yìn tí àdéhùn parí ló ń dá àdéhùn tuntun sílẹ̀, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ti máa ń ṣìnà. Owó tó jẹ́ gbèsè ìgbà àtijọ́ kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Bí aránṣọ bá ti jẹ gbèsè ₦150,000 láti ọdún 2023, tó sì san án ní oṣù kejì ọdún 2024, ohun tó jẹ ló san. Ọ̀rọ̀ máa ń yí padà níbi tí rìsíìtì bá ti rúni lójú. Bí onílé bá kọ “owó ṣọ́ọ̀bù” láìsọ ọdún wo, ó ti fi àyè sílẹ̀ fún ayálégbé láti sọ pé owó ọdún tuntun ni òun san. Ìdí nìyí tí àwọn lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń kọ́kọ́ béèrè fún búùkù rìsíìtì kí wọ́n tó béèrè fún ìwé àdéhùn pàápàá.

Owó tí ayálégbé tì sínú àpò ìfowópamọ́ onílé láìjẹ́ pé onílé béèrè fún un tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Gbígbà ló ń dá àdéhùn sílẹ̀, kì í ṣe fífúnni. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà àpò ìfowópamọ́ onílé lè fi owó sí i ní òru, onílé kò sì lè dá fóònù dúró kó má dún. Nítorí náà, ilé ẹjọ́ máa ń wo ohun tí onílé ṣe lẹ́yìn tí ó mọ̀. Ẹni tó dá owó padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì kọ lẹ́tà pé òun kò gbà á gẹ́gẹ́ bí owó ilé, ti fi èrò rẹ̀ hàn. Ẹni tó ná an, tó dákẹ́ fún oṣù mẹ́rin, tó wá ń sọ níwájú májísíréètì pé òun kò béèrè fún un, yóò ṣòro fún un kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ alábòójútó ilé. Bí onílé bá ti jẹ́ kí ó máa gba owó, kí ó sì máa kọ rìsíìtì, ohun tó bá kọ ti di ti onílé. Onílé tó ti pinnu láti gba ilé rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún alábòójútó, kódà kí ó tó sọ fún ayálégbé.

Ìjíròrò náà tún ń yí ọ̀rọ̀ padà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbọ́ ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Javad àti Aqil. Onílé ti jẹ́ kí oníṣòwò kan wọ ibi iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ṣì ń jíròrò lórí àdéhùn ọlọ́dún mẹ́wàá. Oníṣòwò náà ń san owó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, onílé sì ń gbà á. Àdéhùn náà forí ṣánpọ́n, oníṣòwò wá sọ pé owó tí òun ń san ti sọ òun di ayálégbé olóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ilé ẹjọ́ kò gbà. Wọ́n ní níbi tí àwọn èèyàn bá ṣì ń jíròrò, kò yẹ kí a fi owó tí wọ́n ń san láàárín ìgbà náà sọ pé wọ́n ti fẹnu kò lórí nǹkan tí wọn kò tíì fẹnu kò sí. Èyí fi hàn pé owó nìkan kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, àwọn lẹ́tà tí wọ́n kọ síra wọn àti ohun tí wọ́n ń retí gbọ́dọ̀ dúró tì í. Ní Nàìjíríà náà, ìbéèrè bóyá ilé iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn ìparí àdéhùn jẹ́ ayálégbé ọlọ́dọọdún tàbí ẹni tí onílé kàn gbà láyè ló gbé ẹjọ́ Odutola àti Papersack dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọdún 2006.

Bí ilé ẹjọ́ bá wá gbà pé àdéhùn tuntun ti wà, kí ló wà nínú rẹ̀? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́, nítorí náà inú ìwé àtijọ́ ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́. Iye owó ilé àtijọ́ ló máa dúró bí ó bá jẹ́ iye yẹn ni onílé gbà. Ojúṣe ayálégbé láti tún ilé ṣe, àti èyí tó kà á léèwọ̀ láti gbé ilé fún ẹlòmíràn, yóò tẹ̀ lé e wọlé. Ohun tí kò bá ìgbé ọlọ́dọọdún mu kò ní bá a lọ. Bí ìwé àtijọ́ bá fún ayálégbé láǹfààní láti gba ọdún márùn-ún mìíràn bó bá wù ú, àǹfààní yẹn kò sáábà wọnú àdéhùn tuntun tí owó dá sílẹ̀. Onílé tó fẹ́ fi owó kún owó ilé gbọ́dọ̀ kíyè sí èyí. Bí ó bá kọ lẹ́tà pé owó ti di ₦600,000, tí ayálégbé wá fi ₦400,000 ránṣẹ́, tí onílé sì gbà á láìsọ̀rọ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fi iye àtijọ́ múlẹ̀.

Nótíìsì tó ń lọ lọ́wọ́ náà lè fara gbá a. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ aránṣọ. Ká ní onílé ti fún un ní kúìtì olóṣù mẹ́fà tó parí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 2025, tí aránṣọ sì tún fi ₦400,000 ránṣẹ́ ní oṣù kejì, tó kọ “2025” sí i. Bí onílé bá gbà á gẹ́gẹ́ bí owó ilé, ilé ẹjọ́ lè sọ pé ó ti yí ọkàn rẹ̀ padà kúrò lórí nótíìsì, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè Mansfield gan-an nìyẹn.

Ọ̀nà wà tí onílé lè gbà gba owó tí kò ní dá àdéhùn sílẹ̀, nítorí kò tọ́ kí èèyàn máa lo ilé ẹni lọ́fẹ̀ẹ́ títí tí ẹjọ́ yóò fi parí. Owó tí òfin mọ̀ fún ìgbà tí àdéhùn ti parí ni owó ìlò ilé. Ó yàtọ̀ sí owó ilé. Owó ilé ń ti inú àdéhùn wá. Owó ìlò ilé jẹ́ ẹ̀san fún onílé nítorí pé ẹlòmíràn ń lo ohun tí í ṣe tirẹ̀ láìsí àdéhùn. Ọjọ́ tí àdéhùn parí ló ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ayálégbé bá kó jáde ló sì ń dúró. Iye owó ilé àtijọ́ ni ilé ẹjọ́ sáábà fi ń ṣírò rẹ̀, àfi bí onílé bá lè fi hàn pé ilé náà ti níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí onílé tó wà nínú àpẹẹrẹ wa bá ti kọ lẹ́tà kúkúrú kan ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 2024, pé owó ìlò ni òun gba ₦400,000 náà sí, pé àdéhùn ti parí ní òpin ọdún 2023, pé òun kò fún un ní àdéhùn mìíràn, àti pé òun yóò dá èyí tó bá ṣẹ́kù padà lọ́jọ́ tó bá kúrò, ìbéèrè lọ́yà aránṣọ ìbá rí ìdáhùn. Rìsíìtì alábòójútó nìkan ló lè tún ta ko lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí lẹ́tà àti rìsíìtì fi gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà.

Èyí tó sàn jù ni kí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan nínú àdéhùn, pé bí ayálégbé bá dúró lẹ́yìn ọjọ́ ìparí, owó tó bá san yóò jẹ́ owó ìlò lóṣooṣù, kò sì ní di ìgbé ọlọ́dọọdún, lè gba onílé lọ́wọ́ ọdún kan ní kóòtù. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn tí wọ́n ń tà lójú pópó, tí wọ́n kàn ń kọ orúkọ àti iye owó sí, kò ní gbólóhùn yìí. Síbẹ̀, gbólóhùn náà kò lè gba onílé bí ìwà rẹ̀ bá ta kò ó. Ẹni tó ń gba owó ọdún kan kan, tó sì ń kọ rìsíìtì ọdún kan kan fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìparí, kò lè rọ̀ mọ́ gbólóhùn kan tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé.

Ipò wo ni ayálégbé wà bí onílé kò bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ṣì ní ààbò, bí ààbò náà kò tilẹ̀ gbòòrò tó ti àdéhùn tuntun. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ̀rọ̀ lórí irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ African Petroleum àti Owodunni ní ọdún 1991: òfin ló ń dáàbò bò ó, kì í ṣe àdéhùn, onílé sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ kí ó tó lè lé e. Títi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, yíyọ òrùlé rẹ̀, gígé iná rẹ̀ tàbí kíkó àwọn ọmọ ìta wá dẹ́rù bà á kò sí lára ọ̀nà náà. Ní Èkó, lílé ayálégbé jáde pẹ̀lú ipá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ sanwó ìtanràn tàbí lọ sẹ́wọ̀n. Onílé tí aránṣọ gbà ní ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ayálégbé kan ti fi àbùkù tó wà lára nótíìsì jókòó sílé onílé fún ọ̀pọ̀ ọdún: ọjọ́ kan ò pé, orúkọ kan ò tọ̀nà, ẹjọ́ á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí. Wọ́n ní bí nótíìsì tilẹ̀ ní àbùkù, ìwé ìpẹ̀jọ́ tí wọ́n fún ayálégbé ti tó láti jẹ́ kí ó mọ̀ pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀. Ìdájọ́ náà tọ́, ó sì ti pẹ́ jù kó tó dé. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí onílé fi sọ pé owó tí òun gbà kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Àbùkù ara nótíìsì yàtọ̀ sí ọdún tí ayálégbé ti sanwó rẹ̀, tí ọdún náà ò sì tíì pé. Ẹni tó ní rìsíìtì títí di oṣù kejìlá kò fi àbùkù ìwé bojú, ẹ̀tọ́ tó fi owó rà ló dì mú.

Àwọn Yorùbá tó ń gbé New York kò ní bá ìgbé ọlọ́dọọdún yìí pàdé. Òfin ìpínlẹ̀ yẹn sọ pé bí àdéhùn tó ju oṣù kan lọ bá parí, tí ayálégbé dúró, tí onílé sì gba owó fún ìgbà tó tẹ̀ lé e, ìgbé olóṣooṣù ló dá sílẹ̀, àfi bí àwọn méjèèjì bá ṣe àdéhùn mìíràn. Ẹni tó ti gbé ní Èkó, tó rò pé rìsíìtì oṣù kan fún òun ní ọdún kan níbẹ̀, yóò ṣi ìṣirò rẹ̀.

Okùn tí owó ta náà so ayálégbé pẹ̀lú. Àwọn ayálégbé kì í fẹ́ gbọ́ èyí, nítorí wọ́n rò pé onílé nìkan ni nótíìsì kàn. Bí aránṣọ bá ti di ayálégbé ọlọ́dọọdún fún ọdún 2024, tó sì rí ṣọ́ọ̀bù tó sàn jù ní oṣù kẹrin, kò lè kàn kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kí ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún alábòójútó, kí ó sì ní kí onílé dá owó oṣù mẹ́jọ padà. Onílé lè dá a padà bí ó bá wù ú, pàápàá bí òun náà ti fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ṣófo. Bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí aránṣọ kó jáde, iye tí onílé dá padà, àti pé kò sí ẹni tó jẹ ẹnì kejì mọ́.